Àwọn Ọjà Tó Ń Bára Wọn Jáde

Mo gba ti ẹni tó ń fi sùúrù ka rísíìtì kó tó di ọjà pọ̀. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Fadikpe, ní Minna, ní rísíìtì 200. Omi inú ọ̀rá wà nínú 120, búrẹ́dì nínú 50, méjèèjì jọ wà nínú 30. Ojú lásán á ní wọ́n ń bára wọn rìn. Irọ́ ni: nínú gbogbo oníbàárà mẹ́wàá, mẹ́fà ló ń ra omi, yálà wọ́n ra búrẹ́dì tàbí wọn ò rà á. Oòrùn Minna ló ń tà á.

Sàdíìnì ńkọ́? Ó wà nínú 20, búrẹ́dì sì bá 15 nínú wọn jáde. Mẹ́ta nínú mẹ́rin nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ń ra búrẹ́dì lápapọ̀. Àjọṣe gidi rèé. Ṣùgbọ́n ẹ má dín owó búrẹ́dì fún ẹni tó mú sàdíìnì. Ó ti fẹ́ ra búrẹ́dì tẹ́lẹ̀. Àwọn 35 tó ra búrẹ́dì láìmú sàdíìnì ni kí ẹ fi sàdíìnì lọ̀.

Agolo sàdíìnì mẹ́ta lórí rísíìtì kan, ẹ̀ẹ̀kan là ń kà á. Rísíìtì 15 sì kéré: tí wọ́n bá jẹ́ ti àsìkò àwẹ̀, ẹ tún un kà lẹ́yìn ìtúnu.