Ogun, Bọ́ọ̀lù àti Kóòtù: Ìtumọ̀ Àfiwé Ẹlẹ́lọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú Ìròyìn Ẹjọ́ Ilẹ̀ Okere

Lójú àwọn oníròyìn tó ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ ilẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ lásán, ogun ni. Bí ògbufọ̀ bá tẹ̀ lé wọn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò kọ ọ́ pé: "Ogun ilẹ̀ Okere ti parí." Ẹni tó bá mọ Okere, àdúgbò kan ní Warri, Ìpínlẹ̀ Delta, yóò kọ́kọ́ bèèrè iye ènìyàn tó kú. Ní 1997, nígbà tí wọ́n gbé olú ìjọba ìbílẹ̀ tuntun kan láti Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn Ijọ àti Itsẹkiri ní agbègbè Warri, ẹ̀mí àti dúkìá sì ṣòfò. Ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní 2003. Níbi tí ogun ti ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, òǹkàwé kò ní rí àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìròyìn ni yóò rí.

Ẹjọ́ ilẹ̀ Okere tó gbajúmọ̀ jù lọ ni ti Idundun àti Okumagba, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ní 1976. Ìdájọ́ yìí ló la ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ẹ̀rí. Àwọn olùpẹjọ́ kò jàre ní Warri, wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọn kò sì jàre níbẹ̀ náà. Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn tó ṣáájú yìí kò wá ìrànlọ́wọ́ ọmọ ogun kankan. Pẹjọ́, rojọ́, jẹ́rìí, jàre, jẹ̀bi: Yorùbá ti ní gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Kódà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ wà nínú "da ẹjọ́ nù", ṣùgbọ́n ti wa ni, kò sì sí ẹni tó ń wá omi tó dà sílẹ̀.

Àwọn ògbufọ̀ kan máa ń fi àfiwé Yorùbá rọ́pò ti Òyìnbó: dípò ogun, wọ́n á mú ìjàkadì, wọ́n á ní ẹ̀yìn olùpẹjọ́ ti balẹ̀. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó léwu. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá balẹ̀, ìjà ti tán fún un. Ẹni tí kò jàre ní ilé ẹjọ́ kékeré ṣì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní 1976, lẹ́yìn ìdájọ́ ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ náà ì bá bá a mu. Lẹ́yìn ìdájọ́ ti Warri, irọ́ ni ì bá jẹ́. Nítorí náà, kò tó kí àfiwé jẹ́ ti Yorùbá. Ó gbọ́dọ̀ dúró síbi tí ọ̀rọ̀ náà dé.

Ti eré ìdárayá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òyìnbó a máa sọ pé bọ́ọ̀lù ti wà ní kóòtù ẹnìkan, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì tàbí ti orí ilẹ̀ tó ní àwọ̀n. Ní Yorùbá, kóòtù kan ṣoṣo ló wà, adájọ́ ló sì jókòó síbẹ̀. "Bọ́ọ̀lù wà ní kóòtù ìdílé náà" yóò mú kí òǹkàwé rò pé ìdílé náà ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀. "Ọwọ́ ìdílé náà ni ọ̀rọ̀ kù sí" ti tó. Bákan náà ni "pápá tó tẹ́jú" tí àwọn oníṣòwò fi ń bèèrè àìṣojúsàájú: nínú ìròyìn ilẹ̀, òǹkàwé yóò rò pé katakata ti wọ oko. Kọ ọ́ pé òfin kan náà ni kó de gbogbo wọn. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ní ó "léfòó" ńkọ́? Ní Warri, tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, ọkọ̀ ló ń léfòó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ náà ń ta ìpín ìdókòwò fún aráàlú.

Èyí kò sọ pé kí a lé ogun jáde kúrò nínú èdè. "Gbógun ti" ti pẹ́ lẹ́nu wa. Nígbà tí ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ìpolongo rẹ̀ lórí ìwà àìlétòlétò ní 1984, ọ̀rọ̀ yẹn bá a mu, nítorí ìwà ni wọ́n gbógun tì, ìwà kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tó bá jẹ́ pé ènìyàn méjì tí ń gbé àdúgbò kan náà ló dojú kọ ara wọn ni ewu wà.

Ọ̀nà àyẹ̀wò kan wà tí kò gba owó. Ka ìtumọ̀ náà fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí o sì ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá bèèrè ẹni tó yìnbọn, tàbí ẹni tó ni bọ́ọ̀lù náà, padà sídìí iṣẹ́. Ìtumọ̀ tí yóò yege lè rí báyìí: "Ilé ẹjọ́ ti dá àwọn ìdílé náà láre. Ilé iṣẹ́ náà ní òun yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí báyìí." Ìgbóná tó wà nínú ti Òyìnbó ti dín kù níbẹ̀, òótọ́ ni. Bí ògbufọ̀ bá fẹ́ dá a padà, kó kọ ohun tí wọ́n ṣe nílé ẹjọ́ lọ́jọ́ náà: ẹni tó pariwo, ẹni tó kọ̀ láti kí ẹnìkejì rẹ̀.