Ìwé Owó Ilé Létí Àgbà

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó lè jókòó ti àgbà ayálégbé n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, kó ka ìwé àfikún owó ilé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, kó sì sọ ọ́ ní Yorùbá láìbu nǹkan kan kù. Ibi owó ló ti le jù. Ká ní ₦60,000 ni ìyá kan ń san lọ́dún, tí onílé wá sọ ọ́ di ₦90,000. Bí ẹni tó ń kà á bá ní "wọ́n fi ₦90,000 kún un," ìyá á rò pé ₦150,000 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òun.

Ògbufọ̀ tó mọṣẹ́ á ní: "Màmá, ọ̀kẹ́ mẹ́ta tí ẹ ń san ti di ọ̀kẹ́ mẹ́rin ààbọ̀ lọ́dún. Ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀ ló lé." Ọ̀kẹ́ kan ni ₦20,000, ìṣirò tó ti mọ́ àwọn àgbà lára nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni á sọ ọjọ́ tí owó tuntun bẹ̀rẹ̀.

Kì í sì í fi ìwé àfikún dẹ́rù bà wọ́n bí ẹni pé ìwé ìlékúrò ni. Ìwé ọ̀tọ̀ nìyẹn, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì sábà máa ń fún ẹni tó ń san owó ọdún, àfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kà á tán fún wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka.