Ìfìwàwẹ̀dá Nínú Àwàdà Orí Ayélujára: Àyẹ̀wò Dádì Wa

Aṣọ àti gbólóhùn àsọtúnsọ ni ó máa ń kọ́kọ́ hàn sí òǹwòran nínú eré àwàdà. Awò ńlá àti aago títóbi ni tẹrútọmọ fi mọ Bàbá Sálà, èyí ni Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù Ọ̀run Móoru (1982), ojúkòkòrò ni ó ti Bàbá Sálà sọ́wọ́ àwọn gbájúẹ̀, kì í ṣe awò rẹ̀. Aṣọ ni a fi ń dá ẹ̀dá-ìtàn mọ̀. Àléébù ìwà ni ó ń gbé eré rìn.

Ìlànà yìí náà ni ó gbé Dádì Wa ró, ẹ̀dá-ìtàn tí Adébọ̀wálé Adédayọ̀, tí a mọ̀ sí Místà Makarónì, ń ṣe nínú àwọn eré kúkúrú orí ayélujára. Àgbàlagbà olówó ni Dádì Wa. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń fi ọ̀rọ̀ àgbà bo ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ obìnrin mọ́lẹ̀. "Óòìn" tí ó máa ń fi imú fà ni ojú ibi tí ìbòrí náà ti ń ya.

Ká gbà pé ọmọbìnrin kan wá bẹ̀ ẹ́ fún iṣẹ́. Dádì Wa yóò kọ́kọ́ súre fún un bí baba. Bí ọmọ náà bá ní òun nìkan ni òun ń gbé, "Óòìn" yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá já wọlé, ìwàásù lórí ìwà ọmọlúàbí ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ohùn mẹ́ta ni èyí, ìwà kan ṣoṣo ni ó bí wọn. Nítorí pé òǹwòran ti mọ ìwà náà, ẹ̀rín ti pa á kí ìyàwó tó la ẹnu.

Ibi tí ọ̀pọ̀ aláwàdà ti ń kùnà ni pé wọ́n di gbólóhùn mú, wọ́n sì jọ̀wọ́ ìwà. Bí Dádì Wa bá ń sọ "Óòìn" níbi tí ó ti ń sanwó epo, ariwo lásán ni. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà dá a mọ̀. Èkíní, kí a yọ gbólóhùn náà kúrò. Bí eré kò bá pàdánù nǹkan kan, kò yẹ níbẹ̀. Èkejì, kí a bo orúkọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Bí ẹlòmíràn nínú eré bá lè sọ ọ̀rọ̀ náà láìyí i padà, òǹkọ̀wé ni ó ń fọhùn, kì í ṣe ẹ̀dá-ìtàn.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju ẹ̀rín lọ. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ̀hónú hàn lòdì sí ìwà ipá ọlọ́pàá ní 2020, tí àwọn ọlọ́pàá sì mú Adédayọ̀ ní Lẹ́kí ní oṣù Kejì 2021, Adédayọ̀ ni ó jáde, kì í ṣe Dádì Wa. Bí ó bá jẹ́ pé ohùn Dádì Wa ni ó fi sọ̀rọ̀, ẹ̀dùn ìlú ì bá di ẹ̀fẹ̀, Dádì Wa pàápàá ì bá sì di olódodo, eré rẹ̀ ì bá tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ìwà Dádì Wa sí ọrùn òṣèré kò tíì ka eré náà.