Ìbòjú, Elégbè àti Ilẹ̀kùn Ààfin: Kíka Eré Ọba Ẹ́dípọ́ọ̀sì fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ìwáyà, tó sì ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Àkókà nítòsí ibẹ̀, lè ti bá Ọba Ọdẹ́wálé pàdé nínú ìwé kí ó tó gbọ́ orúkọ Ẹ́dípọ́ọ̀sì rárá. Ọlá Rótìmí ni ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ eré Ọdẹ́wálé, èyí tí àkọlé rẹ̀ ń sọ pé kí á má dá àwọn òrìṣà lẹ́bi. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1968, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971. Orí iṣẹ́ Sófókílísì, ará Áténì, ni Rótìmí gbé e kà: ìtàn ọmọ tí ó pa bàbá rẹ̀, tí ó sì fẹ́ ìyá rẹ̀ láìmọ̀. Iṣẹ́ Sófókílísì yìí ti lé ní ọdún 2,400.

Nígbà tí òǹkàwé bá wá padà láti ọ̀dọ̀ Rótìmí lọ sí ọ̀dọ̀ Sófókílísì, eré náà máa ń gbẹ lójú rẹ̀. Àwọn àgbààgbà kan ń kọrin nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè, olorì wọlé lọ láìdágbére, gbogbo ohun tí ó sì léwu ni ó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Ohun tí ó fa èyí ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ó kù sínú ìwé. Ìbòjú, ijó àti ilẹ̀kùn ni wọ́n ń ṣe ìyókù iṣẹ́ náà lójú agbo, wọn kò sì sí lórí ìwé.

Ìbòjú ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ni ó rọrùn jù fún ọmọ Yorùbá láti ṣì túmọ̀. Bí a bá ti gbọ́ pé òṣèré bo ojú, egúngún ni ọkàn wa máa ń lọ bá. Ṣùgbọ́n ará ọ̀run kọ́ ni ẹni tí ó wọ ìbòjú ní Áténì. Òṣèré ni, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, ó sì ń bá àwọn òṣèré ẹgbẹ́ rẹ̀ du ẹ̀bùn. Àwọn alárìnjó ni ó súnmọ́ ọn jù lọ láàrin wa, àwọn apidán tí ọ̀kan nínú wọn lè wọlé gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin kí ó sì tún jáde gẹ́gẹ́ bí obìnrin. Ìbòjú Gíríìkì bo gbogbo orí, irun sì wà lára rẹ̀. Aṣọ tí a mú le ni a gbà pé wọ́n sábà fi ń ṣe é, ìdí nìyí tí ọ̀kankan kò fi kù títí di òní. Àwòrán ara ìkòkò àti ère amọ̀ ni a fi mọ bí wọ́n ṣe rí. Nítorí pé ojú ìbòjú kò lè sunkún, ẹnu ni òṣèré fi ń sọ pé òun ń sunkún. Òǹkàwé tí kò bá mọ èyí yóò máa rò pé àsọdùn ni.

Iṣẹ́ ńlá tí ìbòjú ń ṣe ni pé ó jẹ́ kí òṣèré mẹ́ta péré, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn, lè pín gbogbo ẹ̀dá ìtàn tí ń sọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Nínú eré Ẹ́dípọ́ọ̀sì, àwọn ẹ̀dá ìtàn wọ̀nyí tó mẹ́jọ. A lè fi ibì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ́dípọ́ọ̀sì, Jòkásítà olorì, àti ìránṣẹ́ tí ó ti Kọ́ríńtì wá jọ wà lójú agbo. Ìránṣẹ́ náà tú àṣírí pé ọmọ tí wọ́n gbé fún òun ní orí òkè ni Ẹ́dípọ́ọ̀sì, pé darandaran kan tí ó jẹ́ ti ilé ọba ni ó sì gbé e fún òun. Jòkásítà ti mọ̀ ní tirẹ̀. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí ó má wádìí mọ́, ọkọ kò gbà, olorì sì wọlé. Lẹ́yìn bí ìlà 40, a rí darandaran náà tí ó ń bọ̀. Ta ni ó wọ ìbòjú rẹ̀? Ẹ́dípọ́ọ̀sì àti ará Kọ́ríńtì ṣì wà ní ìdúró, wọ́n sì tún fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Bí òṣèré bá jẹ́ mẹ́ta lóòótọ́, ẹni tí ó ṣe Jòkásítà ni ó gbọ́dọ̀ padà wá gẹ́gẹ́ bí darandaran. Kò sí ẹlòmíràn.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ètò lásán. Nígbà tí wọ́n fipá bi darandaran léèrè, ó jẹ́wọ́ pé olorì fúnra rẹ̀ ni ó gbé ọmọ náà lé òun lọ́wọ́ pé kí òun lọ pa á. Ìyá tí ó gbé ọmọ sílẹ̀ àti ẹrú tí ó gbà á, ọ̀fun kan náà ni ohùn àwọn méjèèjì ti jáde. Jòkásítà kò jẹ́wọ́ kí ó tó wọlé, síbẹ̀ òṣèré rẹ̀ padà wá jẹ́wọ́ pẹ̀lú ojú mìíràn. Bóyá Sófókílísì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, ìwé kò sọ. Ohun tí a lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé etí àwọn ará Áténì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àti pé ìwé kíkà nìkan kò lè fi hàn.

Kí ni ó wá dí àlàfo náà nígbà tí òṣèré ń pààrọ̀ aṣọ? Elégbè ni, àwọn 15 tí wọ́n dúró gẹ́gẹ́ bí àgbààgbà ìlú Tíbésì, tí wọ́n ń jó tí wọ́n sì ń kọrin sí ohùn fèrè. Kì í ṣe ègbè bíi ti orin wa, níbi tí a ti ń gbe ohun tí olórin lé. Orin tiwọn dá dúró. Ìlà 24 ni wọ́n kọ níbí yìí, ayọ̀ sì ni wọ́n fi kọ ọ́: wọ́n ní bóyá ọmọ òrìṣà kan ni ọba àwọn, tí a bí sórí òkè. Òǹkàwé tuntun sábà máa ń gba ohùn elégbè gẹ́gẹ́ bí ohùn òǹkọ̀wé, ibí yìí gan-an sì ni ó ti lè rí i pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn àgbààgbà náà kò mọ nǹkan kan. Inú wọn ń dùn ní àkókò tí Jòkásítà, gẹ́gẹ́ bí a óò ti gbọ́ láìpẹ́, ń lọ so ara rẹ̀ nínú ilé. Ẹni tí ó bá fo orin náà nítorí pé ó rò pé kò sí ìṣẹ̀lẹ̀ nínú rẹ̀ ti fo ibi tí ó burú jù nínú eré.

Ilẹ̀kùn ààfin ni ó sì jẹ́ kí orin yìí rí bẹ́ẹ̀. Iwájú ilé kan ṣoṣo ni gbogbo eré náà ti wáyé, ní ìta gbangba, lójú ọ̀sán. Àwọn òǹwòran kò lè rí inú ilé. Ikú olorì àti bí Ẹ́dípọ́ọ̀sì ṣe fọ́ ojú ara rẹ̀, ìránṣẹ́ ni ó jáde wá ròyìn wọn, kí ọba tó yọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìbòjú mìíràn, tí ẹ̀jẹ̀ wà lójú rẹ̀, ni ó gbé yọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, ojú kan náà ni àwọn ènìyàn ti ń wò. Ojú náà ni ó wá yí padà yìí.

Rótìmí kò sí lábẹ́ òfin òṣèré mẹ́ta, kò sì ní ìbòjú. Ní ipò elégbè, ó fi àwọn ará ìlú Kútújẹ̀ tí ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kálukú ní ẹjọ́ tirẹ̀, sójú agbo. Ìjà tí Ọdẹ́wálé fi pa Adétùsà lórí ọ̀rọ̀ oko iṣu, ó ṣe é lójú wa, bẹ́ẹ̀ ẹnu Ẹ́dípọ́ọ̀sì nìkan ni a ti gbọ́ irú rẹ̀ nínú ti Sófókílísì. Èyí mú eré Rótìmí dùn ún wò, ó sì rọrùn fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama láti tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n òǹwòran tí ó ti fojú ara rẹ̀ rí ìjà náà ti di ẹlẹ́rìí. Òǹwòran Áténì kò rí nǹkan kan. Bíi ti Ẹ́dípọ́ọ̀sì, ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni ó ti kó gbogbo rẹ̀ jọ.

Olùkọ́ lè dán èyí wò ní kíláàsì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, páálí mẹ́rin tí a gé bí ojú ènìyàn, àti ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n ka ìran náà láti ìgbà tí Jòkásítà ń bẹ̀bẹ̀ títí tí darandaran yóò fi jẹ́wọ́, kí ẹni tí ó ṣe Jòkásítà jáde láti pààrọ̀ páálí, kí gbogbo kíláàsì sì ka orin elégbè sókè títí yóò fi padà wọlé.