Orúkọ Díjéè Tí Kò Ní Àmì Ohùn

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ti di díjéè ní kí n bá òun yẹ orúkọ tí òun yàn wò: ILU. Ìlù ló ní lọ́kàn. Ó kúrú, ó sì dùn ún pè, ṣùgbọ́n ta ló ń fi àmì ohùn sí pátákó ìpolówó? Èmi bi í pé, "Ìlú wo nìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín.

Ó tún mú TAN wá, pé títàn ìmọ́lẹ̀ ni. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan á kà á sí tán, bíi pé òde ti parí. Kódà tí àmì bá pé, tàn náà la fi ń sọ ẹ̀tàn.

Mo wá dábàá GUDU, láti ara gúdúgúdú, ìlù kékeré tó máa ń wà láàárín àwọn dùndún. Kì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Ńṣe ló ń lù lemọ́lemọ́ kí ijó má baà dàrú. Iṣẹ́ díjéè gan-an nìyẹn. Àléébù rẹ̀ kan ni pé gudu ni àwọn Haúsá ń pe sísá. Bó bá máa ṣeré ní Kánò, kó yáa kọ ọ́ tán: GUDUGUDU.