Ìbéèrè Kan Náà fún Gbogbo Wọn: Lámèyítọ́ lórí Àtẹ Ìfiwéra

Ẹni tí ó bá ń ka iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ní Ìlọrin yóò ti bá irú ìpínrọ̀ kan pàdé lọ́pọ̀ ìgbà. Ìpínrọ̀ náà á gùn tó ojú ewé kan. Á máa fi ewì alohùn kan wé òmíràn, á máa fi “ní ti”, “bákan náà” àti “ṣùgbọ́n” so wọ́n pọ̀, títí òǹkàwé yóò fi gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi wé ara wọn. Alábòójútó iṣẹ́ á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, “Fi èyí sínú àtẹ.” Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé e lọ sí ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé ní Fate tàbí Tanke, atẹ̀wé á fa ìlà sí i, ìpínrọ̀ á di àpótí mẹ́rìndínlógún tí ọ̀rọ̀ há sí gádígádí. Ìlà ti wà níbẹ̀, àmọ́ àtẹ kò tíì sí.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níbí ni pé àtẹ kì í ṣe ìpínrọ̀ tí a gé kúrú. Ìdánwò ni. Ìbéèrè kan náà ni ó ń bi gbogbo ohun tí a tò sínú rẹ̀, èyí tí kò bá sì ní ìdáhùn, àṣírí rẹ̀ á tú. Ẹ jẹ́ kí a wo ìpínrọ̀ kan tí mo kọ ní àwòṣe irú èyí tí a sábà máa ń rí:

“Ìjálá jẹ́ ewì àwọn ọdẹ, wọ́n sì máa ń sun ún níbi ọdún Ògún pẹ̀lú ìlù àgẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́jẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀sà, ewì yìí sì dùn létí púpọ̀. Ní ti ẹkún ìyàwó, ọmọbìnrin tí ń lọ sí ilé ọkọ ni ó ń sun ún, ó sì máa ń fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Dàdàkúàdà ní tirẹ̀ gbajúmọ̀ ní Ìlọrin, Odòlayé Àrẹ̀mú sì jẹ́ àgbà nínú rẹ̀. Oríkì pẹ̀lú jẹ́ ewì tí a fi ń yin ènìyàn.”

Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó sì ṣeé kà. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: ìgbà wo ni wọ́n ń ké ìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn ewì yìí? Ìjálá dáhùn tààrà. Ẹkún ìyàwó dáhùn lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀sà, dàdàkúàdà àti oríkì dákẹ́. Ẹ bi í nípa ìlù, ìjálá nìkan ni yóò fọhùn. Ẹ bi í nípa òṣèré tí ó lókìkí, dàdàkúàdà nìkan ni yóò dárúkọ ẹnìkan. Oníkálukú ń dáhùn ìbéèrè tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ ni ó sì ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ tí a fi rò pé ìfiwéra ń lọ.

Nítorí náà, kí a tó fa ìlà kankan, a ó tú ìpínrọ̀ náà palẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí orí ìlà tirẹ̀, kí ẹ sì kọ ìbéèrè tí ó ń dáhùn sí iwájú rẹ̀. Lára ìpínrọ̀ yìí, ìbéèrè tí yóò jáde ni: ta ní ń ké e, nígbà wo, ìlù wo, fún kí ni, ní agbègbè wo, ta ni ó lókìkí nínú rẹ̀. “Ó dùn létí” kò dáhùn ìbéèrè kankan tí ó lè ya ewì kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, nítorí náà ó bọ́ sílẹ̀. Òkìkí náà bọ́ sílẹ̀, nítorí ẹkún ìyàwó kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnìkan ń fi jẹun. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni ó ń sun tirẹ̀. Ìlù ṣòro díẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Òpó tí ìdajì rẹ̀ ṣófo jẹ́ iṣẹ́ ìwádìí tí a kò tíì ṣe. Ẹ lọ ṣe é, tàbí kí ẹ yọ òpó náà kúrò. Ẹ má ṣe fi àbá dí ihò rẹ̀. Nínú ìpínrọ̀ yìí, mo yọ ọ́, mo sì yọ “fún kí ni” àti “ní agbègbè wo” fún ìdí kan náà.

Nígbà tí a ń wá ìbéèrè, ọ̀kan yọjú tí ìpínrọ̀ náà kò bi rárá, tí ó sì ṣe kókó: ìsìn wo ni ewì náà so mọ́? Bí a ti wá tò ó nìyí:

| Ewì | Ẹni tí ń ké e | Àsìkò tí a ti ń gbọ́ ọ jù | Ìsìn tí ó so mọ́ |
|---|---|---|---|
| Ìjálá | Ọdẹ | Ọdún Ògún | Ìsìn Ògún |
| Ẹ̀sà | Ọlọ́jẹ̀ | Ọdún egúngún | Ìsìn egúngún |
| Ẹkún ìyàwó | Ìyàwó | Ìgbéyàwó | Kò sí |
| Dàdàkúàdà | Eléré | Ìnáwó | Kò sí |

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ inú àpótí ṣe rí. Yàtọ̀ sí “Kò sí”, ọ̀rọ̀ orúkọ ni gbogbo rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá kọ “Ọdẹ” sí òkè, tí a kọ “Àwọn ọlọ́jẹ̀” sí abẹ́ rẹ̀, òǹkàwé lè máa rò pé ọdẹ kan ṣoṣo ni ó ń sun ìjálá, pé ọ̀pọ̀ ni ó sì ń pe ẹ̀sà, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ yẹn kò sí lọ́kàn ẹni tí ó kọ ọ́. Bí a bá kọ “Ọdún Ògún” síbì kan, tí a kọ “Nígbà tí ọmọbìnrin bá ń dágbére fún àwọn òbí rẹ̀” síbòmíràn, àpótí kejì á dà bí èyí tí ó ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí pé ó gùn. Ojú tí ń sọ̀kalẹ̀ lórí òpó ń wá ohun tí ó yàtọ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ó bá pàdé ni ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ewì fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ ìṣọ́ra náà ní ààyè tirẹ̀. A máa ń gbọ́ ìjálá níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó pẹ̀lú, kì í ṣe níbi ọdún Ògún nìkan. Bí a bá kọ “sábà” sínú àpótí ìjálá nìkan, a ti parọ́ mọ́ àwọn tó kù, bí ẹni pé tiwọn kì í yí padà. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e lọ sí orí òpó: “Àsìkò tí a ti ń gbọ́ ọ jù”. Ìṣọ́ra tí ó bá kan gbogbo wọn, orí òpó ni ilé rẹ̀.

“Kò sí” náà, mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ni. Àpótí tí ó ṣófo ní ìtumọ̀ mẹ́ta: pé nǹkan náà kò sí, pé ìbéèrè náà kò kan ewì yẹn, tàbí pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò mọ̀. Òǹkàwé kò lè mọ èwo ni. Kí a kọ “Kò sí”, “Kò kàn án” tàbí “A kò tíì mọ̀”, kí a sì lo ọ̀rọ̀ kan náà níbi gbogbo tí ìtumọ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹni tí ó bá ka àtẹ yẹn dáadáa á ti béèrè pé oríkì dà. Mo gbìyànjú láti fún un ní ìlà tirẹ̀. Ta ní ń kì í? Ìyá, bàbá, onílù, ọdẹ, ọlọ́jẹ̀. Nígbà wo? Ìgbàkígbà. Ìsìn wo? Gbogbo wọn. Bí ìlà kan bá ń dáhùn “gbogbo” sí gbogbo ìbéèrè, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ìlà yòókù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú ìwé rẹ̀ lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá tí ó jáde ní 1984, pín ewì sí ọ̀nà méjì: àwọn kan wà tí a ń fi àbùdá inú wọn dá mọ̀, bí oríkì, ẹsẹ Ifá, ọfọ̀, òwe àti àlọ́ àpamọ̀, àwọn kan sì wà tí ó jẹ́ pé bí a ṣe ń gbé ohùn wọn ni a fi ń dá wọn mọ̀, bí ìjálá, ẹ̀sà àti ẹkún ìyàwó. Inú ìjálá ni oríkì wà, inú ẹ̀sà ni ó wà, inú ẹkún ìyàwó ni ó wà. Àtẹ méjì ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, “pẹ̀lú”, ni ìpínrọ̀ fi bo àṣìṣe yẹn, “Oríkì pẹ̀lú jẹ́ ewì”, kò sì sí ẹni tí ó fura.

Agbára àtẹ láti fi ẹgbẹ́ hàn kì í ṣe ohun tuntun nínú ìmọ̀ èdè wa. Ní Freetown, Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, bi àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú léèrè bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọ̀rọ̀ kan náà ní èdè ìlú wọn. Ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ́nù ní 1854 to ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 fún èdè tí ó lé ní 100. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Yàgbà àti Oǹdó wà nínú ìlà tí ó tẹ̀ léra, ọ̀rọ̀ kan náà sì wà nínú òpó kan náà. Òǹkàwé kò nílò àlàyé kí ó tó rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àtẹ kan náà ni ó fi àìdánilójú pamọ́: ìlà èdè tí ẹnìkan ṣoṣo dáhùn fún, tí ó ti kúrò nílùú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, rí bákan náà pẹ̀lú ìlà tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára.

Níbí ni ààlà àtẹ wà, dàdàkúàdà sì ni ó fi í hàn jù. Abdul-Rasheed Na'Allah, tí ó ti fìgbà kan jẹ́ gíwá yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara ní Malete, kọ ọ́ pé inú eré egúngún ni dàdàkúàdà ti ṣẹ̀, kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìlọrin tí eré náà fi yí padà. “Kò sí” inú àpótí jẹ́ òtítọ́ nípa ohun tí Odòlayé ṣe lórí agbo, kì í sì í ṣe òtítọ́ nípa ibi tí eré náà ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ á fẹ́ tún un ṣe báyìí: “Kò sí mọ́, ṣùgbọ́n láti inú egúngún ni ó ti wá, kí Ìsìláàmù tó dé.” Kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Àpótí tí ó bá nílò “ṣùgbọ́n” ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbé òun padà sínú ìpínrọ̀ ni. Ìdí, ìtàn àti àríyànjiyàn kò ní òpó.

Bí àtẹ bá gùn ju ojú ewé kan lọ, kí atẹ̀wé yan ìlà orí òpó, kí ó sì tẹ `Repeat Header Rows` kí orí òpó lè hàn lójú ewé kejì. Láìsí i, “Kò sí” kò ní sọ ohun tí kò sí. Lẹ́yìn èyí ni ìpínrọ̀ tuntun yóò wá sí abẹ́ àtẹ. Kò gbọdọ̀ tún àtẹ kà. Ohun tí òpó ìkẹyìn fi hàn ni yóò sọ: pé ewì mẹ́rin yìí pín sí méjì, èyí tí ó so mọ́ ìsìn àti èyí tí kò so mọ́ ọn. Yóò sì fi kún un pé “Kò sí” méjèèjì kò dọ́gba, nítorí ìgbéyàwó ni ẹkún ìyàwó so mọ́, kò so mọ́ òrìṣà kan, nígbà tí dàdàkúàdà ní ìsìn tí ó fi sílẹ̀. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kò lè sọ èyí, nítorí kò bi ìbéèrè tí yóò mú un jáde.