Bí Ìbéèrè Bá Yàtọ̀, Ṣé Ìwọ̀n Wọn Dọ́gba?

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn olùkọ́ ń dá kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà wo iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ kọ. Nínú ètò Excel lórí kọ̀ǹpútà, olùkọ́ á kọ òfin kan sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á sì mú nọ́ńbà tí ó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ láàrin ààlà tí a fún un. Báyìí ni ìwé iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọgbọ́n yìí wá sídìí òǹkà Yorùbá, ó ní àléébù tí ojú kì í tètè rí.

Kí a sọ pé olùkọ́ kan ní Rumuibekwe ní Pọ́tákọ̀tù ní ọmọ Yorùbá 32, tí ó fẹ́ kí olúkúlùkù fi ọ̀rọ̀ kọ nọ́ńbà 5. Òfin tí ó wọ́pọ̀ nìyí:

```
=RANDBETWEEN(21,60)
```

Nọ́ńbà 40 ni ó wà láàrin ààlà náà. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn ni a fi "lé" kọ́, bí mẹ́rìnlélógún. Ogún ni a fi "dín" kọ́, bí márùndínlọ́gbọ̀n. Nítorí náà, bí a bá fi í sílẹ̀ fún orí ire, ọmọ bí 6 nínú 32 ni yóò gba "dín" mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọmọ bí 6 mìíràn yóò sì gba ẹyọ kan tàbí kí ó má gba rárá. Ẹni tí ó gba 22, 31, 34, 40 àti 43 kò yọ ohunkóhun kúrò nínú ohunkóhun. Ẹni tí ó gba 27, 36, 45, 48 àti 59 ń yọ ọ́ títí ó fi parí. Bí máàkì bá jáde, ẹni kejì ni wọn yóò pè ní olódo.

Òfin méjì ni ó yẹ kí olùkọ́ lò, ọ̀kan fún "lé", ọ̀kan fún "dín":

```
=10*RANDBETWEEN(2,5)+RANDBETWEEN(1,4)
=10*RANDBETWEEN(2,5)+RANDBETWEEN(5,9)
```

Kí ó fún olúkúlùkù ní méjì méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó wá fi ẹyọ kan bí ogójì kún un.

Ìṣòro mìíràn wà níbi ìdáhùn. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí fáìlì náà, tàbí tí a yí àpótí kan padà, ni Excel ń mú nọ́ńbà tuntun. Bí a bá tẹ ìbéèrè lónìí tí a sì tẹ ìdáhùn lọ́la, wọn kò ní bára mu, odidi kíláàsì yóò sì dà bí ẹni tí ó kùnà. Kí a tó tẹ ohunkóhun, kí a da àwọn nọ́ńbà náà kọ, kí a sì lẹ̀ wọ́n padà pẹ̀lú Paste Special, Values. Nígbà náà ni wọn yóò dúró.

Síbẹ̀, "dín" kò dọ́gba tán. Ọgbọ̀n ní orúkọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó gba 48 yọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí ó gba 28 yọ lẹ́ẹ̀kan, òfin kejì kò sì mọ ìyàtọ̀ wọn.